Bí oníbàárà bá ní owó iṣẹ́ pọ̀ jù, ẹ kà á fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan gbogbo ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun: ajórin, gbẹ́nàgbẹ́nà, mọlémọlé, aránṣọ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ó kan ìgbà tí iṣẹ́ ti parí, tí oníṣẹ́ gbé ìwé owó lọ fún oníbàárà, tí oníbàárà wo àpapọ̀ owó tí ó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, tí ó sì ní, “Owó yìí pọ̀ jù. Ẹ ti yàn mí jẹ.”

Èsì méjì ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu oníṣẹ́ ní àkókò bẹ́ẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ ni ìbínú: “Ṣé olè ni ẹ ń pè mí ni?” Èsì kejì ni kí oníṣẹ́ gé owó náà lulẹ̀ kíákíá kí ìjà má baà dé: “Ó dáa, ẹ mú ìwọ̀nba tí ẹ bá ní wá.” Lójú tèmi, èsì méjèèjì kò dára. Ìbínú a máa lé oníbàárà lọ. Ṣùgbọ́n owó tí a gé láìnídìí burú ju bí a ti rò lọ. Bí ẹ bá gé 25.000 fáránkì kúrò nínú owó iṣẹ́ yín láì sọ ibi tí ẹ ti gé e, oníbàárà yóò gbà pé irọ́ ni 25.000 náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò tún máa ronú pé irọ́ mìíràn lè wà nínú ohun tí ó kù. Nígbà tí ó bá tún gbé iṣẹ́ wá, kí ẹ tó la ẹnu ni yóò ti máa dín owó.

Èsì kẹta wà, òun ni mo sì fara mọ́. Kí a jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a tú àpapọ̀ owó náà palẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí a kà á fún oníbàárà, kí a sì bi í pé ìlà wo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìdí tí ọ̀nà yìí fi dára ni pé kò sí ẹni tí ó lè yanjú àríyànjiyàn lórí àpapọ̀ owó. “Ó pọ̀ jù” àti “kò pọ̀ jù” lè máa lọ títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n lórí ìlà kan ṣoṣo, a lè ka nǹkan, a lè wọ̀n ọ́n, a lè fi ọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ajórin kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó ohun èlò a máa yí padà láti ìlú dé ìlú àti láti oṣù dé oṣù, nítorí náà ọ̀nà ìṣirò ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye owó tí mo kọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀gá ajórin kan ní Kétu ṣe ilẹ̀kùn irin sí ẹnu ọ̀nà ọgbà bàbá kan. Ilẹ̀kùn náà ní abala méjì. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 3, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Ìwé owó tí ajórin kọ kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ: ohun èlò, 150.000 fáránkì, iṣẹ́ ọwọ́, 55.000, àpapọ̀, 205.000. Bàbá ti san 100.000 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ku 105.000.

Bàbá mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta irin. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ, wọ́n ní 15.000 ni ọ̀kan. Ó béèrè iye páìpù onígun mẹ́rin, wọ́n ní 10.000. Ó rí i pé irin pẹlẹbẹ mẹ́ta àti páìpù mẹ́ta ni ó wà lára ilẹ̀kùn òun. Ó ṣírò rẹ̀, ó sì rí 75.000. Ni ó bá padà wá pẹ̀lú ìbínú: “Ohun èlò tí ó jẹ́ 75.000 ni ẹ kọ ní 150.000! Ìlọ́po méjì gééré!”

Ẹ kíyè sí i pé bàbá yìí kò purọ́. Ó ṣe ìwádìí, ìṣirò rẹ̀ sì pé. Ìwé owó gan-an ni ó ṣì í lọ́nà, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ohun èlò”, kó oríṣiríṣi nǹkan mọ́ra tí ojú oníbàárà kò lè rí. Èyí ni ó yẹ kí ajórin kọ́kọ́ gbà nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àìmọ̀ ni ó fa ẹ̀sùn náà kò ní í bínú tó ẹni tí ó gbà pé èébú ni.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ajórin má ṣe dáhùn lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì dáhùn lórí tẹlifóònù. Kí ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Lọ́la, lẹ́yìn iṣẹ́, n óò mú ìwé tí ó ní gbogbo rẹ̀ nínú wá, a ó sì jọ kà á níwájú ilẹ̀kùn.” Gbólóhùn yìí kò gba ẹ̀bi, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó fún àwọn méjèèjì ní òru kan kí ara wọn rọlẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí ó kọ ìwé náà tuntun. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́rin: orúkọ nǹkan, iye rẹ̀, owó ọ̀kan, àti àpapọ̀ owó ìlà náà. Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyí:

1. Irin pẹlẹbẹ, mítà 2 sí mítà 1, nínípọn mìlímítà 1 ààbọ̀: 3 lọ́nà 21.000 = 63.000
2. Páìpù onígun mẹ́rin, gígùn mítà 6: 3 lọ́nà 10.000 = 30.000
3. Ìdè tí ilẹ̀kùn fi ń yí: 6 lọ́nà 1.500 = 9.000
4. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn: 1 = 12.000
5. Ọ̀pá ìjórin: páálí 1 = 6.000
6. Abẹ rìbìtì tí a fi ń gé irin: 3 lọ́nà 1.000 = 3.000
7. Ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ọ̀dà àwọ̀ àti omi tí a fi ń pò wọ́n = 15.000
8. Owó ọkọ̀ tí ó kó irin wá àti èyí tí ó gbé ilẹ̀kùn lọ = 7.000
9. Epo ẹ̀rọ amúnáwá = 5.000
10. Iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kan: ọjọ́ 3 lọ́nà 15.000 = 45.000
11. Gbígbé ilẹ̀kùn náà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà = 10.000

Bí ẹ bá ro ìlà 1 títí dé ìlà 9 pọ̀, ẹ ó rí 150.000. Bí ẹ bá ro ìlà 10 àti ìlà 11 pọ̀, ẹ ó rí 55.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 205.000, bí ti ìwé àkọ́kọ́. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ìwé kejì kò bá bá ìwé àkọ́kọ́ mu, oníbàárà yóò ní ilé ni ẹ ti lọ hun ún, yóò sì jàre.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kíkà. Kí a má kan na ìwé náà sí oníbàárà kí a sì dákẹ́. Kí a dúró níwájú ilẹ̀kùn, kí a ka ìlà kan, kí a fi ọwọ́ kan nǹkan tí a ń sọ, kí a sì dúró kí ó fèsì kí a tó lọ sí ìlà kejì. Oníbàárà tí kò mọ̀wé pàápàá lè ka ìdè mẹ́fà lára ilẹ̀kùn. Ohùn tí a fi ń kà á kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ohùn tí a fi ń ka orúkọ ọjà. Bí oníbàárà bá fo ìlà, tí ó ń pariwo nípa àpapọ̀, kí a ní, “A ó dé ibẹ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ kí a parí ìlà yìí ná. Ṣé irin mẹ́ta ni ẹ rí àbí wọn kò pé?”

Níhìn-ín ni ìlà àkọ́kọ́ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Bàbá ní, “Èmi béèrè, 15.000 ni irin yìí, kì í ṣe 21.000.” Ajórin kò jiyàn. Ó béèrè pé, “Bàbá, báwo ni èyí tí wọ́n fi hàn yín ṣe nípọn tó?” Bàbá kò mọ̀. Irin tí wọ́n fi hàn án jẹ́ mìlímítà 1, èyí tí ó wà lára ilẹ̀kùn jẹ́ mìlímítà 1 ààbọ̀. Bí gígùn àti fífẹ̀ wọn tilẹ̀ dọ́gba, wọn kì í ṣe ọjà kan náà. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ wúwo tó nǹkan bíi kílò 16, èyí tí ó nípọn tó nǹkan bíi kílò 24. Irin a sì máa wọ́n bí ó bá ti wúwo sí. Ajórin ti mú àjákù kékeré kan lára irin ilẹ̀kùn náà dání, ó fi í lé bàbá lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ fi èyí wé ti ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí ẹ bá kọjá.” Àjákù irin kékeré yẹn ṣiṣẹ́ ju ìbúra mẹ́wàá lọ. Bí ó bá jẹ́ pé a ti kọ nínípọn irin sínú ìwé owó láti ìbẹ̀rẹ̀, bàbá kì bá ti béèrè iye ọjà mìíràn.

Ní ìlà kejì, bàbá ní páìpù tí òun wọ̀n lára ilẹ̀kùn jẹ́ mítà 17, kì í ṣe mítà 18. Òótọ́ ni. Abala kọ̀ọ̀kan ní òpó méjì tí ó jẹ́ mítà 2, àti ìdábùú mẹ́ta tí ó jẹ́ mítà 1 ààbọ̀. Abala kan jẹ́ mítà 8 ààbọ̀, abala méjì jẹ́ mítà 17. Ṣùgbọ́n odindi páìpù mítà 6 ni wọ́n ń tà, wọn kì í gé e fún ènìyàn. Láti inú páìpù kìn-ín-ní a gé òpó méjì àti ìdábùú kan, ó ku ààbọ̀ mítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù kejì. Ẹ̀kẹta fún wa ní ìdábùú mẹ́rin. Àjákù méjì tí ó jẹ́ ààbọ̀ mítà kọ̀ọ̀kan ni mítà kan tí bàbá ń wá. Oníbàárà ni ó sanwó rẹ̀, òun ni ó sì ni í. Kí a kó o fún un, tàbí kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó fi í ṣe nǹkan mìíràn. Oníṣẹ́ tí ó bá sọ àjákù irin oníbàárà di tirẹ̀ láì sọ̀rọ̀ ni ó ń fún un ní ẹ̀rí láti fi pè é ní olè.

Ìdè mẹ́fà kò fa ọ̀rọ̀ púpọ̀. Abala kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 50. Ìdè méjì lè gbé e lónìí, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, abala náà yóò rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa wọ́ ilẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fi mẹ́ta sí abala kọ̀ọ̀kan.

Ìlà 5, ìlà 6, ìlà 8 àti ìlà 9 ni ó ń da oníbàárà láàmú jù, nítorí wọn kò sí lára iṣẹ́ mọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀pá ìjórin ti yọ́ sínú ojú tí irin ti pàdé irin. Abẹ rìbìtì ti jẹ tán. Epo ti jó. Ọkọ̀ ti lọ. Fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn. Ìwé ẹ̀rí ìsanwó láti ọwọ́ ẹni tí ó tà á nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré tí ajórin ń kọ ìnáwó ojoojúmọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, ibí yìí ni èrè ìwé yín ti pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí ó lè rántí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé abẹ mẹ́ta ni òun lò, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ní ọjọ́ tí ó rà á kò nílò láti rántí. Ìwé tí a kà fún oníbàárà ní ọjọ́ àríyànjiyàn, ọjọ́ tí a ń ra nǹkan ni a ti ń kọ ọ́.

Ìlà 4 ni wàhálà gidi wà. Nígbà tí ajórin ka kọ́kọ́rọ́, 12.000, bàbá ní, “Rárá. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀, kọ́kọ́rọ́ 7.000 ni ẹ sọ fún mi.” Ajórin ṣí ìwé rẹ̀, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí ó lọ sọ́jà, kò rí èyí tí ó jẹ́ 7.000 rà, ó ra èyí tí ó lágbára jù ú lọ, kò sì pe bàbá kí ó tó rà á. Kí ni kí ó ṣe? Àwọn kan yóò ní kí ó gbèjà ara rẹ̀, kí ó ní kọ́kọ́rọ́ náà dára, pé bàbá ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sanwó kò yàn án. Kí ajórin ní, “Bàbá, ẹ jàre. Mi ò béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó rà á. Ẹ san 7.000 tí a sọ, tàbí kí n yọ ọ́, kí n wá èyí tí a jọ sọ fi sí i.” Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀, ajórin sì yọ 5.000 kúrò ní ìlà 4. Àpapọ̀ di 200.000, ó ku 100.000.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó tí a gé láìnídìí àti owó tí a yọ lórí ìlà kan. 5.000 yìí ní ìdí, ó sì ní ibi tí ó ti jáde. Bí ajórin ti yọ ọ́ tán, àwọn ìlà mẹ́wàá yòókù túbọ̀ lágbára sí i, nítorí bàbá ti rí i pé níbi tí òun bá jàre, wọ́n ń gbà fún òun. Níbi tí wọn kò bá sì gbà, ó ní láti jẹ́ pé ìdí wà níbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan kò fẹ́ràn ohun tí mo ń sọ yìí. Wọ́n ní bí a bá tú owó palẹ̀, ńṣe ni a ń kọ́ oníbàárà láti na ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń na tòmátì lọ́jà. Wọ́n ní oníbàárà yóò rí èrè wa, yóò sì fẹ́ gbà á. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí òótọ́ náà mọ.

Èrè tí ó ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ ni èrè tí a fi pamọ́ sí ibi tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ ní iye kékeré kí ojú oníbàárà lè rí i pé ó rọjú, wọ́n á sì fi ohun tí ó kù lé orí irin tàbí pákó. Irin tí wọ́n rà ní 21.000, wọ́n á kọ ọ́ ní 27.000. Irin sì ni nǹkan kan ṣoṣo tí oníbàárà lè lọ béèrè iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Bí ó bá ti rí irọ́ kan níbẹ̀, kò ní í gba ìlà yòókù gbọ́ mọ́. Kí a kọ irin ní iye tí a rà á, kí a sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ wa ní iye tí ó tọ́ sí i. Lórí iṣẹ́ ọwọ́, oníbàárà lè ní òun kò fẹ́ san tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ní a purọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tí ènìyàn méjì fi ṣiṣẹ́, ó rí wọn. Ọgbọ́n tí ọ̀gá fi ọdún púpọ̀ kọ́, kò sí ọjà tí yóò lọ béèrè iye rẹ̀.

Ibi tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ti jàre pátápátá ni ibi tí a ti fohùn ṣọ̀kan lórí owó kan ṣoṣo kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ajórin bá ti sọ pé, “N óò ṣe ilẹ̀kùn yìí, n óò gbé e kọ́, owó mi jẹ́ 205.000 lápapọ̀,” tí bàbá sì gbà, àdéhùn ti parí. Bí irin bá wọ́n lẹ́yìn náà, ajórin ni yóò gbé e. Bí ó bá rọjú, ajórin ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Oníbàárà tí ó ti gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lè padà wá ní kí a ka iye abẹ rìbìtì fún òun. Níbẹ̀, ohun tí a ó kà fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ tí a ṣèlérí, kì í ṣe owó tí a ná: fífẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀, nínípọn irin rẹ̀, iye ìdè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tí a fi ọ̀dà kùn ún. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, owó náà tọ́. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti sọ èyí tí a ń ṣe nínú méjèèjì: owó kan ṣoṣo, tàbí owó ohun èlò bí a bá ti rà á pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Ibi tí a kò bá ti sọ ọ́ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ààlà mìíràn tún wà. Oníbàárà kan lè gba ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí ó ní gbogbo rẹ̀ tọ́, síbẹ̀ kí ó má sanwó. Ẹ má ṣe máa ka ìwé náà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé náà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀: ó ti fi hàn yín pé kì í ṣe iye owó ni ó ń dà á láàmú. Bóyá owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì ń tì í láti sọ. Kí a fi pẹ̀lẹ́ bi í pé, “Bàbá, bí ìwé bá ti tọ́, ọjọ́ wo ni ẹ fẹ́ san, ẹ ó ha san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí lẹ́ẹ̀mejì?” Kí a sì kọ ọjọ́ náà sísàlẹ̀ ìwé. Ẹni tí kò bá fẹ́ dárúkọ ìlà kan, tí kò sì fẹ́ dá ọjọ́ kan, ni a lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àgbà tàbí olórí àdúgbò. Níbẹ̀ náà, ìwé tí ó ní ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá yóò sọ̀rọ̀ fún yín ju ẹnu lọ.

Bí ẹ bá ti parí kíkà, kí ẹ má ṣe túká lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kí a fa ìlà sí orí 12.000, kí a kọ 7.000 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a kọ àpapọ̀ tuntun, owó tí a ti san, owó tí ó kù, àti ọjọ́ òní. Kí oníṣẹ́ àti oníbàárà fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ ìka rẹ̀ sí i, kí ẹnìkan tí ó fọkàn tán kà á fún un kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìwé náà jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ mi, ìwé tí ẹ ó kọ fún iṣẹ́ tí ń bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ “ohun èlò” mọ́. Ẹ kọ orúkọ nǹkan, iye rẹ̀, owó ọ̀kan àti àpapọ̀ ìlà rẹ̀. Bí oníbàárà bá sì ní ó pọ̀ jù, ẹ fún un ní àga, ẹ ṣí ìwé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní.